Wàrà Ẹ̀wà Sóyà: Bí A Ṣe Ń Mú Un Dì, Bí A Ṣe Ń Tẹ̀ Ẹ́, Àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìjerò, ní Aràmọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè àti ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Wàrà tí a ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bẹ́sìkẹ́ ni wọ́n ń pe èyí tí a ti dín. Àwọn Haúsá ń pè é ní àwàrà, àwọn ará Jàpáànù sì ń pè é ní tófù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀wà sóyà kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Ní ọdún 1987 ni ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tó wà n'Íbàdàn àti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Móò Pílántéṣọ̀n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin abúlé bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ di mílíìkì, wàrà, irú àti ògì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ nípa rẹ̀, tí ẹ sì ti dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni a ń gbọ́ níbi gbogbo: "Wàrà wa kò le. Ó ń fọ́ nínú epo. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a kó tó bàjẹ́." Ẹjọ́ yìí ni a fẹ́ dá lónìí.

Ní ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní abúlé kan lójú ọ̀nà Aràmọ̀kọ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti fi owó àjọ wọn ra àpò ẹ̀wà sóyà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣe wàrà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n sì pàdánù. Àkọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́ nínú epo. Èkejì rọ̀ bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹ̀kẹta le díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọjà Ìjerò lọ́jọ́ kejì, ó ti ń yọ̀, ó sì ti ń rùn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kí wọ́n pín ìyókù ẹ̀wà náà, kí kálukú mú tirẹ̀ lọ ṣe irú. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn fi òkúta ńlá tí wọ́n fi ń tẹ wàrà náà hàn mí. Ó ní òkúta kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà wọ́n wá òkúta tó wúwo jù ú lọ, nígbẹ̀yìn wọ́n gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún gàrí. Síbẹ̀, kò le.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni ẹ kọ́kọ́ ṣe sí ẹ̀wà yìí kí ẹ tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ?"

Ìyá náà dáhùn pé, "A sè é ni, ọmọ mi. A sè é títí ó fi rọ̀, bí a ti í se é fún irú, kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, kí òórùn rẹ̀ sì lè lọ."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe òkúta ló kéré. Kí ẹ̀wà náà tó dé ẹ̀rọ ni wàrà ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun tó ń di wàrà nínú ẹ̀wà sóyà ni èròjà amúnidàgbà tí àwọn olùkọ́ ń pè ní purotéènì. Ẹ rò ó bí ẹyin. Bí ẹ bá fọ́ ẹyin tútù sínú omi tí ẹ sì rò ó, funfun rẹ̀ á pò mọ́ omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ se ẹyin náà títí ó fi le, kò sí bí ẹ ṣe lè gún un tí yóò tún yòrò sínú omi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà sóyà. Bí a bá sè é kí a tó lọ̀ ọ́, èròjà náà á gan mọ́ inú ẹ̀wà. Nígbà tí a bá wá sẹ́ ẹ, inú èérí ni yóò kù sí, omi lásán ni yóò sì jáde. Ẹ lè da ohun amúdì sí omi bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní rí ohun tí yóò mú dì. Fún irú, sísè tó yẹ ni. Fún wàrà, a gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ ní tútù, kí a tó sè é.

Sísè náà kò ṣeé fò o. Ẹ̀wà sóyà tútù ní àwọn èròjà kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà dáadáa nínú ènìyàn àti nínú ẹran ọ̀sìn. Iná nìkan ló ń pa wọ́n. Nítorí náà, lílọ̀ ló ṣáájú, sísè ló tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ náà, a wọn kílò 1 ẹ̀wà, a sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a jọ tẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n nílé, ẹ gbé abọ́ kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwọ̀n, ẹ wọn kílò 1 sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tó dé. Abọ́ yẹn ni yóò máa jẹ́ òṣùwọ̀n yín.

Ẹ̀wà ọdún tí a wà yìí ni kí ẹ lò. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àká, pàápàá èyí tí ooru ti mú lábẹ́ páànù, kì í fẹ́ tú èròjà rẹ̀ sílẹ̀ mọ́, wàrà rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Ẹ ṣa òkúta àti èyí tó ti jẹrà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi lítà 3. Wákàtí 8 sí 10 tó fún un. Nígbà ọyẹ́, pàápàá ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n tí òtútù ń mú, ó lè tó wákàtí 12. Nígbà ooru, kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ mú hóró kan, ẹ là á sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba láti etí dé àárín, ó ti tó. Bí àárín rẹ̀ bá jin kòtò díẹ̀, kò ì tíì mu omi tó. Bí omi rẹ̀ bá ti ń hó tí ó sì ń kan, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ da omi náà nù, ẹ tún ẹ̀wà náà fọ̀.

Ẹ wá gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata tán yóò ba mílíìkì yín jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi omi ṣan án dáadáa, kí ẹ sì da ìkúnwọ́ àkọ́kọ́ tó bá jáde nù. Ẹ jẹ́ kó kúnná dáadáa, nítorí bó bá ṣe kúnná tó ni mílíìkì yóò ṣe jáde tó.

Òórùn tí àwọn ìyá wa fẹ́ fi sísè lé lọ ńkọ́? Òórùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú hóró tó ṣì wà lódindi. Ìgbà tí a bá lọ̀ ọ́, tí ó sì wà nínú omi tútù fún ìgbà pípẹ́, ló máa ń jáde. Oògùn rẹ̀ ni pé kí omi gbígbóná ti wà lórí iná kí ẹ tó ti ẹ̀rọ dé. Fún kílò 1 ẹ̀wà, lítà 8 ni gbogbo omi tí a lò, àti èyí tí a fi lọ̀ ọ́ àti èyí tó wà nínú ìkòkò. Bí omi bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mílíìkì á ṣàn jù, wàrà á sì rọ̀. Bó bá kéré jù, kò ní ṣeé sẹ́. Bí ẹ bá ti dé, ẹ da ẹ̀wà lílọ̀ náà sínú omi tó ń hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má gbé e kalẹ̀ kí ẹ máa kí àlejò.

Ìkòkò tí ẹ óò lò gbọ́dọ̀ tóbi, kí ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀ má kọjá ìdajì rẹ̀. Sóyà máa ń ru gan-an ni. Kó tó hó rárá, ìfóòfó rẹ̀ á ti gun òkè, á sì fẹ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ó ti jinná nìyẹn, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Kò ì tíì jinná o. Ẹ wọ́n omi tútù díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ kán epo díẹ̀ sí i, kí ìfóòfó náà lè lọ sílẹ̀. Ẹ dín iná kù, kí ẹ sì máa fi ọmọ orógùn ro ìdí rẹ̀ kó má baà jóná, nítorí bí ìdí bá jóná, òórùn jíjóná yẹn kò ní kúrò lára wàrà. Ìgbà tí ìfóòfó bá ti rọlẹ̀, tí ó sì ń hó dáadáa, ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10.

Ẹ ta aṣọ asẹ́, irú èyí tí ẹ fi ń sẹ́ ògì, sórí agbọ̀n lórí ìkòkò mìíràn, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ sí i. Ó gbóná, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ lásán fún un. Ẹ lọ́ ẹnu aṣọ náà, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo mílíìkì fi jáde. Èérí tó kù nínú aṣọ ti jinná, ẹ lè fún ewúrẹ́ àti adìyẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gbọ́dọ̀ sùn, nítorí kíá ló ń kan. Ẹ gbé mílíìkì náà padà sórí iná, kó tún hó fún ìṣẹ́jú 5.

Ó ku bí a óò ṣe mú un dì, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ti ṣe pàtàkì jù.

Ẹ sọ ìkòkò náà kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5, títí mílíìkì náà kò fi mì mọ́, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì fẹ́ máa bo ojú rẹ̀. Ẹ ká awọ náà kúrò. Bí ẹ bá da ohun amúdì sí i nígbà tó ń hó yaya, yóò dì lójijì, yóò sì di wóróworo bí iyanrìn. Bí ẹ bá jẹ́ kó tutù jù, kò ní dì tán, mílíìkì á kù sínú omi, ẹ ó sì dà á nù láìmọ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ohun amúdì tó rọrùn láti rí lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni iyọ̀ Ẹ́pisọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn. Gíráàmù 25 sí 30, ìyẹn bíi síbí ìjẹun 2 tí kò kún gegere, ló tó fún kílò 1 ẹ̀wà. Ẹ rí i pé èyí tó ṣeé mu ni wọ́n tà fún yín. Èkejì ni omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ìdá kan nínú márùn-ún lítà ni ẹ óò nílò, kí ẹ sì sẹ́ hóró rẹ̀ kúrò. Ẹ̀kẹta ni omi ògì tó ti kan, èyí tó tòrò lójú ògì. Ó lè tó lítà 1, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kíkan omi ògì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Iyọ̀ Ẹ́pisọ́ọ̀mù kì í fi kíkan sílẹ̀ lẹ́nu. Ọsàn àti omi ògì máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí a kò fẹ́ kí ẹ lò. Àwọn Fúlàní ń fi bòmubòmu di wàrà mílíìkì màlúù, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ léwu fún ojú, kò sì sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gbé e dé ìdí sóyà nígbà tí ọsàn wà. Bákan náà, ẹnì kan lè sọ fún yín pé ẹfun funfun tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń ṣe òkè àjà ń mú wàrà dì. Òótọ́ ni pé ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ń lò, ṣùgbọ́n tiwọn ni a ti yọ́ mọ́ fún jíjẹ. Ti kọ́lékọ́lé kò mọ́ fún ikùn. Ẹ má lò ó.

Ẹ po iyọ̀ náà tàbí omi ọsàn náà mọ́ ìdajì lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi ògì kò nílò àbùlà. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ ro mílíìkì náà yíká lẹ́ẹ̀kan, ẹ da ìdá kìíní sí i, kí ẹ sì fa ọmọ orógùn yọ. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ wọ́n ìdá kejì sí ojú rẹ̀, ẹ tún dé e fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá ṣí i wò. Bí ẹ bá rí i pé wàrà ti ń ṣù bí òwú, tí omi tó yí i ká sì mọ́ gaara, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì tí kò ki, ó ti tó. Ẹ má da ìdá kẹta sí i mọ́. Bí omi náà bá ṣì funfun bíi mílíìkì, ẹ fi ìdá kẹta sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí iná tí kò le fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú omi ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìdíwọ̀n nìkan. Ohun amúdì tó bá pọ̀ jù á sọ wàrà di gbígbẹ tó ń fọ́, á sì kan tàbí kó korò. Ẹ má sì rò ó léraléra, nítorí gbogbo ibi tí ọmọ orógùn bá gbà ni wàrà ti já.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìgbákọ bù ú, ẹ má dà á lójijì. Ẹ lè lo àpótí igi kékeré tí a dá lu lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ike tí a dá lu, tàbí agbọ̀n kékeré. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ tí a ti fi omi gbígbóná bọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ bu wàrà sí i nígbà tó ṣì gbóná, nítorí gbígbóná ló ń mú kó lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá jẹ́ kó tutù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kò ní so pọ̀ dáadáa, òun náà ló sì ń fọ́ nínú epo.

Ẹ ká aṣọ bò ó láìjẹ́ kó wé, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú àpótí náà lé e, kí ẹ tó gbé ẹrù lé pákó. Ìwọ̀n ẹrù ṣe pàtàkì. Fún kílò 1 ẹ̀wà, ẹrù kílò 2 ni ẹ óò kọ́kọ́ gbé lé e fún ìṣẹ́jú 10. Ike tí ẹ pọn omi lítà 2 sí tó kílò 2 gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kílò 5 lé e, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5, fún ìṣẹ́jú 40. Kí ló dé tí a kò gbé èyí tó wúwo lé e lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdí ni pé ẹrù tó wúwo lójijì á di ojú ìta wàrà pa, omi inú kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ìta á le, inú á rọ̀, omi tó há sínú yẹn ni yóò sì máa ta epo sí yín lójú nígbà tí ẹ bá ń dín in. Ohun tí ẹ̀rọ gàrí ṣe sí wàrà àwọn ìyá wa nìyẹn. Èyí tí kò tilẹ̀ di ojú pa, ó ti jáde gba ojú aṣọ.

Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó bí omi kò bá kán mọ́, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ó sì padà bọ̀ sípò, tí ẹ sì fi ọ̀bẹ gé e tí etí rẹ̀ kò já. Ẹ gbé e sínú omi tútù tí a ti sè tẹ́lẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó gé e. Yóò tutù, yóò sì le díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ náà ní abúlé yẹn, kílò 1 ẹ̀wà fún wa ní wàrà tó lé díẹ̀ ní kílò 1 àti ààbọ̀. Ìyá tó ń ṣe olórí tún bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe kílò 1 mìíràn ní ọ̀nà tiwọn, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè fojú ara wọn rí i. A sè é kí a tó lọ̀ ọ́. Iye omi kan náà, ohun amúdì kan náà, ẹrù kan náà. Ohun tó dì nínú rẹ̀ kò kún abọ́ ọbẹ̀ kan, ó sì ń fọ́ lọ́wọ́. Ìyá náà gbé èérí tó kù nínú aṣọ sókè, ó wúwo gan-an. Ó ní, "Áà, inú èérí yìí ni owó wa wà, a sì ń fún ewúrẹ́ jẹ."

Omi tó jáde lára wàrà wúlò. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò mímọ́ tí ẹ dé, kí ó kan di ọjọ́ kejì. Ẹ lè fi í mú wàrà ọjọ́ kejì dì bí ẹ ṣe ń lo omi ògì. Bó bá ń yọ̀, tàbí tó ń rùn yàtọ̀ sí òórùn kíkan, ẹ dà á nù.

Títọ́jú ló kù. Wàrà sóyà tútù dà bí ẹran tútù. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, oúnjẹ sì ni fún àwọn kòkòrò àìfojúrí bó ti jẹ́ oúnjẹ fún wa. Nínú ooru ilẹ̀ wa, èyí tí ẹ bá ṣe ní òwúrọ̀, kí ẹ tà á tàbí kí ẹ dín in kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá di dandan kó sùn láìsí ẹ̀rọ amómitutù, ẹ ge e, ẹ sè é nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ jẹ́ kí òun àti omi náà tutù pọ̀ nínú ìkòkò tí ẹ dé, kí ẹ sì gbé e sí ibi tó tutù jù nílé. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ dín in. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jígàwá, sọ ọgbọ́n ìkòkò-nínú-ìkòkò di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ láti ọdún 1995. A gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, a fi iyanrìn sáàárín méjèèjì, a sì ń bomi rin iyanrìn náà. Bí omi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ìta ló ń fa ooru inú jáde. Nígbà ọyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa náà. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ Èkìtì kún fún ọ̀rinrin, omi kì í gbẹ lára ìkòkò, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nígbà náà.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amómitutù tí iná sì wà, kó rì wàrà náà sínú omi tí a ti sè tó ti tutù, kó bò ó, kó sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó lè lo bí ọjọ́ 5. Bí ẹ bá jẹ́ kó di yìnyín, yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á yí padà. Ihò wẹ́wẹ́ á wà lára rẹ̀ bíi kànìnkànìn, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n díẹ̀. Kò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ rọra fún omi rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ sínú ọbẹ̀. Ó máa ń fa ọbẹ̀ mu bíi pọ̀nmọ́. Èyí tí iná bá ti jẹ́ kó yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún dá a padà sínú yìnyín.

Bí wàrà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, bí omi rẹ̀ bá dọ̀tí tó sì ń hó, tàbí bí ó bá ń rùn kíkan nígbà tí kì í ṣe ọsàn ni ẹ fi dì í, ó ti bàjẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé epo gbígbóná á pa ohun tó wà níbẹ̀. Ó lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kòkòrò kan ti tú sílẹ̀ kì í kú nínú epo. Òun ló ń mú kí ènìyàn máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ dà á nù. Oníbàárà kan tó bá ṣàìsàn lè tú gbogbo ẹgbẹ́ ká.

Àwọn ìyá wa yẹn kò pín ẹ̀wà wọn mọ́. Wọ́n yí àkókò wọn padà ni. Ọ̀sán ni wọ́n ń rẹ ẹ̀wà, òru ni wọ́n ń dìde lọ̀ ọ́, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ojúmọ́ tó mọ́, ìdí agbada lójà ni wọ́n sì ti ń gé e. Wàrà tí wọ́n ń tà kì í tó ọjọ́ kan láyé. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, òkúta ńlá ọjọ́sí wà lẹ́nu ọ̀nà, adìyẹ ń sùn lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é tí kò le, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ṣé a sè é kí a tó lọ̀ ọ́? Ṣé ìfóòfó ni a rí tí a pè é ní híhó? Ṣé omi rẹ̀ mọ́ gaara kí a tó bù ú? Ṣé ó ṣì gbóná nígbà tí a tẹ̀ ẹ́? Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ẹ óò ti rí ìdí rẹ̀, kí ẹ tó wá òkúta mìíràn lọ.

Ibi tí a óò ti dánu dúró nìyí.